Ẹ So Nọ́ńbà Náà Mọ́lẹ̀ Kí Ẹ Tó Pààrọ̀ Gèlè

Ẹni tó bá ti fi kọ̀ǹpútà ya àwòrán láti inú ọ̀rọ̀ rí yóò mọ ìyà yìí. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́, ẹ tẹ bọ́tìnnì, àwòrán kan sì jáde tó tẹ́ yín lọ́rùn. Ojú ìyá àgbà inú rẹ̀ rí bó ṣe yẹ, ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ bà lé e lẹ́rẹ̀kẹ́, léèsì ọrùn rẹ̀ jókòó dáadáa. Ohun kan ṣoṣo ló kù: gèlè pupa ló wé, búlúù lẹ sì ń tà. Ẹ wá yọ pupa kúrò nínú ọ̀rọ̀ yín, ẹ fi búlúù sí i, ẹ tún bọ́tìnnì tẹ̀. Gèlè búlúù dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n obìnrin mìíràn ló wé e. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ nígbà ogún, ogún obìnrin lẹ ó rí, ẹni tí ẹ ń wá kò sì ní sí nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ pààrọ̀ nìkan kọ́ ló fa èyí. Nọ́ńbà kan wà tí ẹ̀rọ náà máa ń mú fúnra rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì. Nígbà tí ẹ yí ọ̀rọ̀ padà, òun náà yí nọ́ńbà padà lẹ́yìn yín. Ohun méjì ló yí pọ̀, ẹ sì rò pé ẹyọ kan ni. Ẹni tó bá mọ ibi tí nọ́ńbà yìí wà, tó sì mọ bí wọ́n ṣe ń so ó mọ́lẹ̀, lè pe àwòrán kan náà padà lónìí àti lóṣù tó ń bọ̀, kó sì máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ láìpàdánù èyí tó dára nínú rẹ̀.

Stable Diffusion ni a ó fi ṣàlàyé, torí pé láti oṣù kẹjọ ọdún 2022 tí wọ́n ti gbé e jáde fún aráyé, ẹnikẹ́ni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ bá lágbára tó lè gbé e sórí rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kó sì rí gbogbo ohun tó ń lọ níbẹ̀. Ojú ìwé tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń lò ó ni AUTOMATIC1111, àwọn orúkọ tí a ó sì máa dá níhìn-ín ni ẹ ó rí lórí rẹ̀.

Ibi tí àwòrán ti ń bẹ̀rẹ̀

Orí pátákó funfun kọ́ ni ẹ̀rọ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Inú wúruwùru ló ti ń bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí a máa ń rí lójú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ nígbà tí ilé iṣẹ́ bá ti paná. Fún àwòrán tó fẹ̀ ní 512, tó ga ní 512, nọ́ńbà 16,384 ni wúruwùru yìí, tí a tò sí ìpele mẹ́rin, tí ìpele kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 64 lọ́nà 64. Ẹ̀rọ á wá wo ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ, á sì máa yọ wúruwùru náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ohun tó jọ ohun tí ẹ sọ nínú ìdàrúdàpọ̀ tó wà níwájú rẹ̀. Bí apá òsì òkè bá ṣèèṣì dúdú díẹ̀, ó lè sọ ibẹ̀ di òjìji ògiri. Bí àárín bá mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó lè sọ ọ́ di iwájú orí. Nígbà tí ìgbésẹ̀ ogún bá fi pé, wúruwùru ti di ìyá àgbà.

Ibi tí orí wà, ibi tí èjìká dá sí, apá tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀, inú wúruwùru àkọ́kọ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti wá. Bí a bá lè gba wúruwùru kan náà padà, tí a kò sì yí ohunkóhun mìíràn, àwòrán kan náà la ó gbà padà.

A sì lè gbà á padà, torí pé kọ̀ǹpútà kì í ṣẹ́ kèké ní ti gidi. Ìṣirò ló ń ṣe. Ẹ fún un ní nọ́ńbà kan láti fi bẹ̀rẹ̀, á sì ti inú rẹ̀ fa ẹ̀wọ̀n nọ́ńbà gígùn jáde. Lójú èèyàn, ẹ̀wọ̀n náà kò létò rárá, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ kan náà kì í bí ẹ̀wọ̀n méjì. Ẹni tó bá ní Python lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè rí i fúnra rẹ̀:

```
import random
random.seed(42)
print([random.randint(1, 100) for i in range(5)])
```

Ohun tí yóò jáde ni 82, 15, 4, 95, 36. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún un tan, kí ẹ tún un ṣe, 82, 15, 4, 95, 36 náà ni. Bí ẹ bá wá fi 43 sí ipò 42, ẹ̀wọ̀n mìíràn pátápátá ló máa jáde, èyí tí kò bá ti àkọ́kọ́ tan rárá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń rò pé nọ́ńbà tó bá sún mọ́ra á bí àwòrán tó jọra. Kò rí bẹ́ẹ̀. Aládùúgbò ni 1960 àti 1961 lórí ìlà, àmọ́ àwòrán wọn kò mọ ara wọn rí.

Bí a ṣe ń so ó mọ́lẹ̀

Lójú AUTOMATIC1111, àpótí kan wà tí wọ́n kọ `Seed` sí lára. Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i, `-1` lẹ ó bá nínú rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé kí ẹ̀rọ máa mú nọ́ńbà tuntun nígbàkigbà. Bọ́tìnnì kékeré méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí tó ní àwòrán ọfà tó ń yí po máa ń gbé nọ́ńbà àwòrán tó jáde kẹ́yìn wá sínú àpótí náà, èyí tó ní àwòrán ọmọ ayò lúdò sì máa ń dá a padà sí `-1`. Nígbà tí àwòrán tó wù yín bá jáde, ẹ tẹ ọlọ́fà kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Bí ẹ bá ní kí ẹ̀rọ ya mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi ìṣọ́ra ṣe é. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ nìkan ló ń jẹ́ tiyín, ẹ̀rọ á máa fi ení kún un fún àwọn tó kù. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 1960, ìkẹta jẹ́ 1962. Ẹni tí ìkẹta wù, tó wá lọ kọ 1960 sílẹ̀, ti gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ sílé. Ẹ kọ́kọ́ tẹ àwòrán tí ẹ fẹ́ gan-an, kí ẹ ka nọ́ńbà tirẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀.

Nọ́ńbà náà nìkan kò tó ṣá. Àkọsílẹ̀ tó máa ń wà lábẹ́ àwòrán nìyí, gbogbo rẹ̀ pátá ni ẹ sì gbọ́dọ̀ pa mọ́. Ká ní ti ìyá onígèlè wa rí báyìí:

```
portrait of an elderly Yoruba market woman, red headwrap,
white lace blouse, soft morning light
Negative prompt: blurry, deformed hands
Steps: 20, Sampler: DPM++ 2M, Schedule type: Karras,
CFG scale: 7, Seed: 1960, Size: 512x512,
Model: v1-5-pruned-emaonly
```

`headwrap` la kọ, a kò kọ `gele`, torí àwòrán tó ní àpèjúwe lédè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ohun tí ẹ̀rọ yìí fi kẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tó sì wọ́pọ̀ níbẹ̀ ló ń tètè gbọ́.

`Steps` ni iye ìgbésẹ̀ tí yóò fi yọ wúruwùru. `Sampler` ni ọ̀nà tí yóò gbà yọ ọ́, `Schedule type` sì ni bí yóò ṣe pín iṣẹ́ náà sí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. `CFG scale` ni bí yóò ṣe fi agbára tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yín tó. Ní 7 ó ń gbọ́ràn, ó sì ń fi àyè sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e dé 15, àwọ̀ á máa ki jù, ara èèyàn á sì le bí ike. `Model` ni fáìlì ńlá tó gbé gbogbo ohun tí ẹ̀rọ náà kọ́ sínú.

`Size` ló máa ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Wọ́n á rò pé bí àwọ́n bá sọ 512x512 di 512x768, obìnrin náà á wà bó ṣe wà, ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ló máa ga sí i. Ṣùgbọ́n iye nọ́ńbà inú wúruwùru ti yí padà, bí wọ́n ṣe tò sì ti yí padà, nítorí náà àwòrán mìíràn ló máa jáde. Kí ẹ pinnu ìwọ̀n kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojú tó dára, kí ó má baà di iṣẹ́ àṣedànù.

Ohun kan ṣì kù kí ẹ tó pààrọ̀ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan: ẹ tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan sí i láìyí ohunkóhun padà, kí ẹ gbé àwòrán tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́. Bí ìyá náà bá padà wá bó ṣe wà, ohun gbogbo ti so. Àwọn ohun èlò kan tó ń mú ẹ̀rọ yára, bíi `xformers`, lè mú kí òwú léèsì yàtọ̀ fín-ín-fín. Ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n bí ojú bá yàtọ̀, nǹkan kan ti yí tí ẹ kò mọ̀. Ẹ wá a rí kí ẹ tó tẹ̀ síwájú, torí ẹni tí kò bá lè rí àwòrán kan náà lẹ́ẹ̀mejì kò lè sọ ohun tó fa ìyípadà kankan.

Pupa di búlúù

Ó wá kù kí a pààrọ̀ gèlè. Ẹ sọ `red` di `blue`, kí ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Obìnrin kan náà ló máa yọ, ó jókòó síbi tó jókòó sí, gèlè rẹ̀ sì ti di búlúù. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Léèsì funfun lè ti gba àwọ̀ sánmà díẹ̀ sára, ògiri lè ti tutù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì lè ti sún díẹ̀. Ẹ̀yin sọ pé gèlè nìkan, kí ló wá gbé àwọ̀ dé ara aṣọ?

Ìdí ni pé ọ̀rọ̀ kì í ní ààlà nínú àwòrán. Ẹ̀rọ máa ń ka gbogbo gbólóhùn yín pọ̀, `blue` sì lè kan ibikíbi tó bá rí àyè. Láti ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ohun tí ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní bá yàtọ̀ díẹ̀, ìkejì á kọ́lé lé e, ìkẹta á kọ́ sórí ìyẹn. Títí yóò fi dé ogún, ìyàtọ̀ kékeré ti rí ibi gbòòrò sí.

Ọ̀nà kan wà tí a fi ń dín èyí kù. Ẹ lè ní kí ẹ̀rọ fi pupa bẹ̀rẹ̀, kó wá fi búlúù parí, báyìí:

```
portrait of an elderly Yoruba market woman,
[red:blue:0.25] headwrap, white lace blouse, soft morning light
```

`0.25` túmọ̀ sí ìdá kan nínú mẹ́rin ìgbésẹ̀. Nínú ogún, márùn-ún àkọ́kọ́ á rí `red`, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù á rí `blue`. Inú àwọn ìgbésẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ni orí, èjìká àti ìmọ́lẹ̀ ti ń fìdí múlẹ̀, nítorí náà ìbẹ̀rẹ̀ yín bá ti àwòrán àtijọ́ mu pátápátá kí búlúù tó wọlé. Àmọ́ àwọ̀ náà máa ń tètè fìdí múlẹ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kó pẹ́ jù, bíi `0.5`, pupa á ti wọ gèlè lára, búlúù tó wá bá a lẹ́yìn lè sọ ọ́ di àwọ̀ àlùkò. Bí gèlè bá ṣì ń pọ́n, ẹ dín nọ́ńbà yẹn kù, bíi `0.15`. Bí ojú bá ń yàtọ̀, ẹ fi kún un. Ibi tí méjèèjì ti gbà fún ara wọn kò jọ ara wọn láti orí àwòrán kan sí òmíràn, àyẹ̀wò ló ń fi hàn.

Níbi àyẹ̀wò yìí ni yíyí ohun kan ṣoṣo ti ń sanwó. Ká ní oníṣòwò kan sọ `red` di `blue`, ó gbé `Steps` dé 30, ó sì gbé `CFG scale` dé 15 lẹ́ẹ̀kan náà, kí iṣẹ́ lè tètè yá. Àwòrán jáde, ara ìyá náà ń dán bí ike, búlúù sì ń pani lójú. Ó máa di ẹ̀bi ru búlúù, á sì fi ọ̀sán kan wá búlúù mìíràn, nígbà tó jẹ́ pé `CFG scale` ló ṣẹ̀ ẹ́. Ká ní ó yí i lọ́kọ̀ọ̀kan ni, àwòrán ìkejì ni ì bá ti tú àṣírí.

Bí àwọ̀ tí ẹ fẹ́ wò bá pọ̀, kò pọn dandan kí ẹ máa fọwọ́ kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nísàlẹ̀ ojú ìwé náà, lábẹ́ `Script`, ẹ ó rí `X/Y/Z plot`. Ẹ mú `Prompt S/R` níbẹ̀, kí ẹ kọ `red headwrap, blue headwrap, green headwrap` sínú àpótí rẹ̀. Ẹ̀rọ á wá èyí àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yín, á máa fi àwọn tó tẹ̀ lé e rọ́pò rẹ̀, á sì to gbogbo àwòrán náà sórí ìlà kan. Nọ́ńbà kan náà ni yóò lò fún gbogbo wọn, níwọ̀n ìgbà tí 1960 bá wà nínú àpótí `Seed`. Nígbà tí wọ́n bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ojú á tètè mú èyí tí aṣọ rẹ̀ gba àwọ̀ tí kò yẹ.

Gbogbo ọ̀rọ̀ kọ́ ló rọrùn tó àwọ̀. Bí ẹ bá sọ `portrait` di `full body`, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wá àyè fún ẹsẹ̀, orí á kéré, ohun gbogbo á sì ṣípò láti ìbẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà ò lè gbà yín níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ pinnu àwọn ohun ńlá, bóyá ojú nìkan ni àbí gbogbo ara, inú ilé ni àbí ọjà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá nọ́ńbà tó dára. Àwọ̀ àti ohun ọ̀ṣọ́ ló máa kẹ́yìn.

Nígbà tí àwòrán kọ̀ láti padà wá

Ó lè ṣẹlẹ̀ pé ẹ kó gbogbo àkọsílẹ̀ náà fún ọ̀rẹ́ yín, tí ìyá onígèlè kò sì yọ lójú kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè irú ojú ìwé tó ń lò. AUTOMATIC1111 máa ń jẹ́ kí káàdì àwòrán fa ẹ̀wọ̀n nọ́ńbà náà jáde, ComfyUI sì máa ń jẹ́ kí ọkàn kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ fà á. Ìṣirò àwọn méjèèjì kò dọ́gba, nítorí náà 1960 tibí kì í ṣe 1960 tọ̀hún. Nínú sẹ́tíǹgì AUTOMATIC1111, ibì kan wà tó ń jẹ́ `Random number generator source`. Bí ẹ bá fi `CPU` síbẹ̀, wúruwùru náà kò ní yàtọ̀ mọ́ torí káàdì àwòrán.

Ìdí kejì ni `Sampler`. Àwọn kan, irú `Euler a`, máa ń da wúruwùru tuntun díẹ̀ sí àwòrán ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí `Steps` bá wà bó ṣe wà, ó ń padà wá dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e láti 20 dé 30, obìnrin mìíràn lè dé. `DPM++ 2M` kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìgbésẹ̀ tó lé níbẹ̀ máa ń tún òwú àti ìrun ṣe ni, ojú á sì dúró.

Ìdí kẹta ló wọ́pọ̀ jù láàárín wa: àkọsílẹ̀ ti sọnù. AUTOMATIC1111 máa ń fi gbogbo àkọsílẹ̀ náà pamọ́ sínú fáìlì PNG tí ẹ gbà. Ẹ lọ sí `PNG Info`, ẹ ju fáìlì náà síbẹ̀, ẹ ó rí i ní kíkún, bọ́tìnnì kan á sì dá gbogbo rẹ̀ padà sáyè rẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá fi àwòrán náà ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù bí fọ́tò lásán, Wáàsáàpù á fún un pọ̀, àkọsílẹ̀ inú rẹ̀ á sì lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kó délé láìfarapa, kó fi ránṣẹ́ bí dókúmẹ́ǹtì.

Àwọn tó ń lo irú ẹ̀rọ yìí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí kò sí lórí kọ̀ǹpútà wọn, ní ìṣòro tiwọn. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn kì í fi nọ́ńbà hàn rárá. Àwọn mìíràn ń fi hàn, ṣùgbọ́n wọ́n lè pààrọ̀ `Model` láìsọ fún ẹnikẹ́ni, nọ́ńbà tó bí ojú arẹwà ní oṣù kejì á sì bí ẹlòmíràn ní oṣù kẹta.

Ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Àṣìṣe tó ń náni lówó jù ni kí a rò pé inú 1960 ni ìyá onígèlè ń gbé. Kò gbé ibẹ̀. Wúruwùru ló wà nínú 1960. Ìyá náà wá láti inú wúruwùru yẹn, ọ̀rọ̀ yẹn, ìwọ̀n yẹn àti fáìlì yẹn pa pọ̀. Ẹ kọ `a yellow bus` pẹ̀lú 1960, bọ́ọ̀sì lẹ ó rí. Ẹni tó fẹ́ kí ìyá kan náà jókòó nídìí igbá níbí, kó dìde dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́hùn-ún, kò lè fi nọ́ńbà ṣe é. Ó ní láti kọ́ ẹ̀rọ ní ojú náà pẹ̀lú ọ̀pọ̀ àwòrán rẹ̀, kó sì fi ohun tó kọ́ pamọ́ sínú fáìlì kékeré tí wọ́n ń pè ní LoRA.

Bí ó bá sì jẹ́ pé gèlè nìkan lẹ fẹ́ pààrọ̀, tí ẹ kò fẹ́ kí irun ìpéǹpéjú kan sún, ẹ lọ sí `Inpaint`, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun orí gèlè náà nìkan, kí ẹ kọ búlúù. Ibi tí ẹ kùn nìkan ni ẹ̀rọ máa tún yà. `Seed` wà níbẹ̀ náà. Ẹ fi `-1` sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń wá wíwé gèlè tó wù yín, kí ẹ so ó mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti rí i, kí ẹ tó máa tún àwọ̀ rẹ̀ ṣe.